ROMI mi jẹ́ 800%: ṣé ó tọ̀nà?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá yìí wò. Ìdá 60 nínú 100 àwọn tí à ń wá ló máa rí ìpolówó náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó GRP kan jẹ́ 5,000, owó tí wọ́n fi ya ìpolówó náà jẹ́ 500,000. Títà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 12,000,000, nígbà ìpolówó ó di 18,000,000. Nínú owó 100 tí wọ́n bá tà, 40 ló ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó tí wọ́n fi ṣe ọjà. ROMI tí mo rí jẹ́ 800%."

Àbúrò, kò tọ̀nà. ROMI ni èrè tí ìpolówó mú wá, lẹ́yìn tí a bá yọ owó ìpolówó kúrò, tí a sì fi owó ìpolówó náà pín in. Owó ìpolówó kò ní wàhálà: GRP ni ìdá àwọn tó rí i lọ́nà iye ìgbà tí wọ́n rí i, 60 lọ́nà 5 sì jẹ́ GRP 300. Ní 5,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó afẹ́fẹ́ jẹ́ 1,500,000; fi 500,000 tí wọ́n fi ya ìpolówó kún un, gbogbo rẹ̀ 2,000,000.

Títà ni kó o tún wò, gbogbo 18,000,000 lo fi ṣe é. Àwọn oníbàárà ti ń ra ọjà tiwọn kí ìpolówó tó dé, wọn ì bá sì tún rà á láìsí i. 6,000,000 péré ló lé. Ìyẹn gan-an kì í ṣe èrè, torí owó ni wọ́n fi ṣe ọjà tí wọ́n tà. 2,400,000 ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀:

```
(6,000,000 × 0.40 − 2,000,000) ÷ 2,000,000 = 20%
```

Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti fojú mi rí màbo. Lẹ́kíṣọ́rà wa kọ fọ́múlà sójú pátákó, títà ló fi sí i, kò dárúkọ èrè rárá. Mo lo èrè bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń bá a máàkì wá gé máàkì mi, ó ní n kò tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ́ wa. Mo gbé ìwé náà lọ bá lẹ́kíṣọ́rà fúnra rẹ̀, ó wò ó, ó ní mo jàre, àmọ́ èsì ti jáde, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Ẹ gbọ́ ná, mo jàre, mo sì tún pàdánù! Nítorí náà, kó o tó kọ nọ́ńbà kankan, kọ ọ́ sókè pé èrè lo lò, pé bí o bá fi títà ṣe é, 200% ni ì bá jáde. Ẹni tó bá ń wá èyíkéyìí á rí i níbẹ̀.

Má sì gbàgbé owó tí wọ́n fi ya ìpolówó. Bí o bá fi 1,500,000 ti afẹ́fẹ́ nìkan ṣe é, 60% ló máa jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ ìpolówó fẹ́ràn irú ìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ máa ń fi owó afẹ́fẹ́ pín títà tó lé, wọ́n á rí 4, wọ́n á máa pariwo pé owó ti di ìlọ́po mẹ́rin, láìyọ owó tí wọ́n fi ṣe ọjà kúrò.

O tún lè pín 2,000,000 sí 0.40. 5,000,000 tó jáde ni títà tó gbọ́dọ̀ lé kí wọ́n tó rí owó wọn padà. Ẹni tó fi 1,000,000 péré kọjá ibẹ̀ kò lè ní 800%. Bẹ̀ẹ̀ sì ni, bí títà tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ 13,000,000 ní tòótọ́, èrè ti di òdo, torí náà béèrè ibi tí wọ́n ti rí 12,000,000 yẹn. Bí wọ́n bá já owó ọjà wálẹ̀ lásìkò ìpolówó náà, a jẹ́ pé kì í ṣe ìpolówó nìkan ló mú títà lé.