Mílíìkì sóyà, óótì àti álímọ́ńdì: bí a ṣe ń ka ohun tó wà lẹ́yìn páálí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gwarinpa ní Àbújá ni à ń gbé. Inú máa ń run ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, tó bá ti mu mílíìkì màálù. Mo wá ra ti sóyà, ti óótì àti ti álímọ́ńdì wò. Ti álímọ́ńdì ló wọ́n jù, wọ́n sì kọ kálísíọ̀mù 35 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, nígbà tó jẹ́ 15 péré ni wọ́n kọ sí méjì yòókù. Wọ́n ní àwọn kò fi ṣúgà kún ti óótì, síbẹ̀ ó dùn. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́. Èwo ni kí n máa fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ti sóyà ni kí ẹ máa fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹ rà yẹn gan-an. Irú rẹ̀ tí wọn kò fi nǹkan dídùn sí ni kí ẹ wá. N ó fi páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ ya fọ́tò wọn ṣàlàyé bí mo ṣe dé ibẹ̀, kí ẹ lè fúnra yín ṣe é nígbà tí ẹ bá tún dúró níwájú pẹpẹ ọjà, nítorí pé páálí tí ẹ rí rà lónìí lè má sí ní ilé ìtajà náà lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun tó mú kí nọ́ḿbà wọn ta kora ni pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọjà náà ti wá. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe ti sóyà àti ti óótì, 100 mílílítà ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n lẹ́yìn páálí wọn, èyí tí kò tó ìdajì ife. Amẹ́ríkà ni ti álímọ́ńdì ti wá, odindi ife kan, ìyẹn 240 mílílítà, sì ni gbogbo nọ́ḿbà tó wà lára rẹ̀ dúró fún. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ síwájú kálísíọ̀mù pàápàá kì í ṣe ohun kan náà. Ní Yúróòpù, 800 mílígíráàmù ni wọ́n kà sí ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ lébẹ̀lì. Ní Amẹ́ríkà, 1300 mílígíráàmù ni. Bí ẹ bá wá tú u palẹ̀, 15 ti sóyà jẹ́ 120 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà, 35 ti álímọ́ńdì sì jẹ́ nǹkan bí 450 mílígíráàmù nínú 240 mílílítà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n fojú fo ìdá ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n wá mílígíráàmù, kí wọ́n sì wo orí tábìlì náà lọ́hùn-ún láti mọ iye mílílítà tó ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé gbogbo rẹ̀ wá sínú ife kan ṣoṣo tí ọmọ yín lè mu tán, ká pè é ní 200 mílílítà. Fún ti sóyà àti ti óótì, ẹ kàn sọ nọ́ḿbà wọn di ìlọ́po méjì. Fún ti álímọ́ńdì, ẹ pín nọ́ḿbà rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà, kí ẹ sì mú márùn-ún nínú rẹ̀. Kálísíọ̀mù sóyà di 240 mílígíráàmù, ti óótì di 240, ti álímọ́ńdì sì di 375. Lóòótọ́, ti álímọ́ńdì ṣì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò tó ìlọ́po méjì bó ti jọ lójú yín lẹ́yìn páálí. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ tó ń rí sí oúnjẹ lágbàáyé dábàá 600 mílígíráàmù lóòjọ́ fún ọmọ ọdún 4 sí 6, nítorí náà ife méjì sóyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kájú rẹ̀ tán, àwọn oúnjẹ yòókù yóò sì dí èyí tó kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá ni ti èròjà amúaradàgbà, òun náà ló sì gbé mi dúró ti sóyà. Wọ́n kọ 3.3 gíráàmù sára sóyà yín fún 100 mílílítà, ó di 6.6 nínú ife ọmọ yín. Ti óótì kọ 1, ó di 2. Ti álímọ́ńdì kọ 1 gíráàmù fún odindi ife Amẹ́ríkà, kò wá tó 1 mọ́ nínú ife tiwa. Nǹkan bí 0.8 ni. Ife sóyà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé ẹyin kan. Kí ọmọ tó lè rí irú rẹ̀ nínú álímọ́ńdì yẹn, ó ní láti mu ife mẹ́jọ. Ọmọ ọdún 6 nílò nǹkan bí 19 gíráàmù lóòjọ́, mílíìkì màálù tí ẹ sì yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀ máa ń fún un ní nǹkan bí 6 tàbí 7 nínú ife kan. Sóyà nìkan ló lè rọ́pò ìyẹn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má bínú pé owó yín lọ sórí álímọ́ńdì. Èso náà fúnra rẹ̀ lọ́ràá, ó sì ní amúaradàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọnú páálí kéré gan-an. Ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù máa ń kọ iye álímọ́ńdì inú rẹ̀ sí àkójọ èròjà, ẹ ó sì rí i pé 2 tàbí 2.5 péré ni nínú ọgọ́rùn-ún. Omi ni ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Ní ti ṣúgà, páálí Amẹ́ríkà rọrùn láti kà, nítorí pé wọ́n ní ìlà kan fún gbogbo ṣúgà àti ìlà mìíràn lábẹ́ rẹ̀ fún èyí tí wọ́n fi kún un. Gíráàmù 7 ni ti álímọ́ńdì yín, gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n sì fi kún un, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú páálí náà, “Original”, kàn túmọ̀ sí pé irú rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Wọ́n rò pé irú ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó sábà ń túmọ̀ sí ni pé wọn kò fi adùn fàníílà tàbí ṣokoléètì sí i.

Páálí Yúróòpù kò ní ìlà kejì yẹn. Iye gbogbo ṣúgà nìkan ni wọ́n ń kọ. Ẹ ní láti lọ sí àkójọ èròjà, níbi tí wọ́n ti ń to nǹkan láti orí èyí tó pọ̀ jù dé orí èyí tó kéré jù. Lórí sóyà yín, omi ló ṣáájú, ẹ̀wà sóyà tẹ̀ lé e, ṣúgà ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀wà sóyà fúnra rẹ̀ kò dùn. Irú èyí tí wọn kò fi nǹkan sí kì í sábà tó 1 gíráàmù ṣúgà nínú 100 mílílítà. Tiyín kọ 2.5, èyí tó fi hàn pé púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni wọ́n dà sí i. Gíráàmù 5 nínú ife kan ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, bí a bá ka ṣíbí kan sí gíráàmù 4.

Ti óótì ló dojú rú jù, mo sì dúpẹ́ pé ẹ kíyè sí i. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé àwọn kò da ṣúgà sí i: omi, óótì, òróró, iyọ̀ àti kálísíọ̀mù nìkan ló wà nínú àkójọ náà. Síbẹ̀, 3.4 gíráàmù ṣúgà wà nínú 100 mílílítà. Inú óótì gan-an ló ti wá. Óótì kún fún sítáàṣì, bí wọ́n bá sì kàn lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ omi, yóò ki bí ògì. Kí ó má bàa ki, wọ́n máa ń fi ẹ́ńsáìmù sí i, èyí tó ń gé sítáàṣì náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí yóò fi di máltóòsì, ṣúgà irú èyí tó máa ń wà nínú ọkà tí a rẹ tó hù. Ẹni tó bá ti jẹ iṣu lẹ́nu pẹ́ títí kó tó gbé e mì mọ bí sítáàṣì ṣe ń di adùn. Nínú ife ọmọ yín, ó di 6.8 gíráàmù, ó ju ti álímọ́ńdì tí wọ́n da ṣúgà sí lọ, torí 5.8 ni ìyẹn nínú irú ife kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka óótì, nọ́ḿbà ṣúgà inú tábìlì ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe gbólóhùn tó wà níwájú páálí.

Mo tún ní láti padà sórí kálísíọ̀mù, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ àti ohun tó dénú ife lè má dọ́gba. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń fi kún un, ẹ ó sì rí orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ èròjà, bíi kálísíọ̀mù kábọ́néètì tàbí kálísíọ̀mù fọ́sífeètì. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ dá páálí náà padà sórí pẹpẹ. Àwọn tí wọ́n kọ sí pé wọn kò lo ajílẹ̀ àti oògùn ìgbàlódé láti fi gbin irúgbìn wọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ní kálísíọ̀mù àfikún. Ìyẹ̀fun ni kálísíọ̀mù yìí sì jẹ́, bí ẹfun tí a lọ̀, ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá da ìṣẹ́kù páálí sínú ife tí ẹ rí nǹkan funfun tó dì mọ́ ìsàlẹ̀, kálísíọ̀mù tí ọmọ yín kò mu láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n dáadáa ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dà á.

Ohun kan náà ló mú mi sọ̀rọ̀ lórí mílíìkì sóyà inú ike tí wọ́n ń tà ní ọjà Wuse àti ní àwọn ibùdókọ̀. Amúaradàgbà inú rẹ̀ lè dára bí omi rẹ̀ kò bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é nílé kì í sábà fi kálísíọ̀mù sí i, kò sì sí tábìlì tí ẹ lè kà láti mọ iye ṣúgà inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun mímu, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò mílíìkì fún ọmọ yìí.

Ní ti inú rírun rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu. Ní nǹkan bí 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí láktóòsì, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì màálù, wọ́n sì rí i pé inú ọ̀pọ̀ Yorùbá kì í lè lọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ti kọjá ìgbà ọmọ ọwọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè lọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí aládùúgbò yín tó jẹ́ Fúlàní fi lè mu mílíìkì màálù lójoojúmọ́ tí nǹkan kan kò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ náà bá máa ń yọ tàbí tí ètè rẹ̀ ń wú, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ bá, nítorí pé àwọn ọmọ tí ara wọn kọ mílíìkì màálù lọ́nà yẹn lè kọ sóyà pẹ̀lú.

Bí ẹ bá padà sí ilé ìtajà, ẹ wá sóyà tí amúaradàgbà rẹ̀ tó 3 gíráàmù, tí ṣúgà rẹ̀ kò ju 1 lọ, tí kálísíọ̀mù rẹ̀ sì tó 120 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà, ká sì rí nọ́ḿbà NAFDAC lára rẹ̀. Bí òun nìkan kò bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ pò ó mọ́ sóyà tí ẹ ti rà ní ìdajì-ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì máa dín èyí tó dùn kù. Álímọ́ńdì tó wà nílẹ̀, ẹ̀yin àgbà lè fi mu ògì láàárọ̀. Bí ọmọ bá bẹ̀bẹ̀ fún un, ẹ fún un pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti rí amúaradàgbà tí kò sí nínú ife náà.