Bọ́tìnì PrtScr tó kọ̀ tí kò yàwòrán mọ́: ẹ yẹ àgádágodo Fn wò kí ẹ tó ra kíbọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù Dell Inspiron ni mò ń lò, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. Láti bí ọjọ́ mẹ́ta ni bọ́tìnì PrtScr kò ti ya àwòrán ojú ẹ̀rọ mọ́. Mo pa á, mo tún tàn án, ibi tó wà náà ló wà. Àwọn bọ́tìnì tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n wá owó kíbọ́ọ̀dù tuntun. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó sórí kíbọ́ọ̀dù. Lórí ọ̀pọ̀ Inspiron, PrtScr kì í ní bọ́tìnì tirẹ̀. Ara bọ́tìnì F10 ni wọ́n kọ ọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ Home mọ́ F11, tí wọ́n sì kọ End mọ́ F12. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ méjì, iṣẹ́ méjì ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò ṣe nígbà tí ẹ bá tẹ òun nìkan láìfi ọwọ́ kan bọ́tìnì mìíràn. Ohun tó ń pinnu èyí ni àgádágodo Fn. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì yí i padà, bọ́tìnì tó ń yàwòrán lánàá yóò di F10 lónìí, ó sì lè ṣẹlẹ̀ kí Windows má sọ ohunkóhun fún yín nípa rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun ni. Ẹ ṣí Word, kí ẹ ṣí ìwé òfìfo kan nínú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ F10 àti PrtScr sí lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì gbé ojú yín sókè sí ibi tí File, Home àti Insert wà. Bí àwọn lẹ́tà kéékèèké bá yọ sára wọn, tí ẹ rí F lára File, H lára Home àti N lára Insert, F10 ni Word gbà lọ́wọ́ yín, nítorí iṣẹ́ tí F10 ń ṣe nínú Word gan-an nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bọ́tìnì yín ń ṣiṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù yín sì yè. Iṣẹ́ kejì tó wà lọ́wọ́ bọ́tìnì náà ló ń ṣe. Ẹ tẹ Esc kí àwọn lẹ́tà náà lè kúrò. Bí ẹ kò bá ní Word, Excel yóò fi ohun kan náà hàn yín.

Ẹ wá wo bọ́tìnì Esc lápá òsì lókè. Lórí ọ̀pọ̀ Dell, ẹ óò rí àwòrán àgádágodo kékeré kan tí wọ́n kọ Fn sí nínú. Ìyẹn ló ń sọ fún yín pé ibẹ̀ ni a ti ń yí i padà. Bọ́tìnì Fn fúnra rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, nítòsí Ctrl. Ẹ tẹ Fn, kí ẹ má tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ fi ìka mìíràn tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá tú méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ni mo wí o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ ẹ́, wọn kò rí ohun tó yí padà lójú ẹ̀rọ, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ títẹ̀ kejì yẹn ni ó dá a padà síbi tó ti wà, wọn óò sì máa sọ pé àwọn ti gbìyànjú rẹ̀ tì.

Ẹ padà sínú Word, kí ẹ tún tẹ bọ́tìnì náà. Bí àwọn lẹ́tà kéékèèké kò bá yọ mọ́, tí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn díẹ̀, tí pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì jáde lókè láàárín, tí ó ní kí ẹ mú apá tí ẹ fẹ́ yà, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní iná kékeré lára Esc tó ń tàn tí a bá yí àgádágodo yìí padà, ṣùgbọ́n èmi kì í gbára lé iná náà, nítorí ohun tí títàn rẹ̀ túmọ̀ sí kò rí bákan náà láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Ohun tí Word bá ṣe ni mo ń gbàgbọ́.

Bí Fn àti Esc kò bá yí ohunkóhun padà rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fi òfin dè é nínú BIOS, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn. Obìnrin kan tó ń ṣe ìṣirò owó gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ti bá a tún Windows kọ sórí ẹ̀rọ náà látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo fáìlì tí kò tọ́jú síbòmíràn sì ti lọ, síbẹ̀ PrtScr kò yàwòrán. Mo ṣí Excel, mo tẹ bọ́tìnì náà, àwọn lẹ́tà yọ lókè. Mo tẹ Fn pẹ̀lú Esc, mo tún tẹ bọ́tìnì náà, àwọn lẹ́tà tún yọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé BIOS ni ọ̀rọ̀ kàn. Títún Windows kọ kò lè mú irú èyí kúrò, nítorí ẹ̀rọ kékeré tó ń darí kíbọ́ọ̀dù ló ń pinnu bóyá F10 ni yóò rán wọlé tàbí PrtScr, kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Windows rárá. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni Windows ń gbà; kò mọ̀ pé ẹ̀dà kejì wà.

Bí ẹ óò ṣe débẹ̀ nìyí. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù náà pátápátá, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F2 léraléra ní kété tí orúkọ Dell bá ti hàn. Nínú BIOS, ẹ wá Fn Lock Options. Ibi tó wà kò rí bákan náà: lórí àwọn kan, abẹ́ POST Behavior ló wà, lórí àwọn mìíràn, abẹ́ Keyboard. Ẹ óò rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ Fn Lock sí níwájú. Bí kò bá sí àmì nínú àpótí yẹn, Fn pẹ̀lú Esc kò ní ṣiṣẹ́ láéláé, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ obìnrin yẹn nìyẹn. Ẹ fi àmì síbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ óò rí ìlà méjì. Èyí tí Standard wà nínú orúkọ rẹ̀ ń mú kí F1 títí dé F12 jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Èyí tí Secondary wà nínú orúkọ rẹ̀ ń mú kí PrtScr, ohùn, ìmọ́lẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Secondary ni ẹ óò mú. Lórí àwọn Inspiron kan tó ti pẹ́ díẹ̀, orúkọ tí ẹ óò rí ni Function Key Behavior, abẹ́ Advanced, Multimedia Key ni ẹ óò sì mú níbẹ̀. Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ ṣe kí ẹ tó jáde. Ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan ohun mìíràn nínú BIOS, pàápàá jù lọ èyí tó ní kí ẹ dá gbogbo nǹkan padà sí bí ó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè yí ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń ka dísíìkì padà, kí Windows sì kọ̀ láti tàn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ rò kí ẹ tó yí i padà títí láé. Àgádágodo yìí kì í mú F10 nìkan. Gbogbo F1 títí dé F12 ló ń bá a lọ. Bí PrtScr bá padà, F2 tí ẹ fi ń ṣàtúnṣe inú àpótí Excel yóò di èyí tó ń rẹ ohùn sílẹ̀, F5 náà yóò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ lo Excel, ó sàn kí ó fi àgádágodo sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó máa tẹ Fn mọ́ F10 nígbàkígbà tó bá fẹ́ yàwòrán. Obìnrin tó ń ṣe ìṣirò owó yẹn, ohun tó yàn nìyẹn nígbẹ̀yìn. Ẹni tó jẹ́ pé ó ń yàwòrán lójúmọ́, tí kò sì mọ ohun tí F2 wà fún, kí ó ṣí i ní tirẹ̀.

Bí àwọn lẹ́tà kò bá yọ nínú Word ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà, ó ṣeé ṣe kí àwòrán ti wọlé láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Windows lè gbé e pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ láìfi àmì kankan hàn; ẹ ṣí Paint, kí ẹ tẹ Ctrl + V, kí ẹ wò ó. Bí àwòrán bá jáde, kò sí ohun tó ṣe bọ́tìnì yín. Bí ẹ bá fẹ́ràn pẹpẹ náà, ẹ wọ Settings, kí ẹ tẹ Accessibility, lẹ́yìn náà Keyboard, kí ẹ sì tan ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Use the Print screen key. Kí iṣẹ́ má bàa dúró títí ẹ óò fi parí gbogbo èyí, Windows + Shift + S yóò bá yín yàwòrán láìlo PrtScr rárá.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ mìíràn lè gba ibòmíràn. Lórí ọ̀pọ̀ Lenovo, Fn pẹ̀lú Esc náà ni. Lórí àwọn HP kan, inú BIOS ni ẹ óò ti rí Action Keys Mode, F10 ni a sì fi ń wọ BIOS tiwọn. Ṣùgbọ́n bí PrtSc bá dá wà lórí bọ́tìnì tirẹ̀, tí kò bá F kankan pín in, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lórí ọ̀pọ̀ ThinkPad, kí ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú àgádágodo Fn. Kò kan bọ́tìnì yẹn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá yín tún ẹ̀rọ ṣe fi lè jẹ́ òtítọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì náà nínú Word, kí ẹ yí àgádágodo padà, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí àwọn lẹ́tà kò bá yọ nígbà méjèèjì, tí àwòrán kò sì wọlé nígbà méjèèjì, kí ẹ yá kíbọ́ọ̀dù olókùn kan, kí ẹ fi okùn rẹ̀ sínú ihò USB, kí ẹ tẹ PrtSc tirẹ̀. Bí tirẹ̀ bá yàwòrán, bọ́tìnì F10 ti ara láptọ́ọ̀pù yín ló kú, ẹ lè wá owó kíbọ́ọ̀dù nígbà náà.