Èsì: Fáàtì ọ́fíìsì tó ń ta ilẹ̀ tó tún ń bójú tó ilé

"Ọ́fíìsì wa ní Yábàá ń ta ilẹ̀, a sì ń bá àwọn onílé bójú tó ilé wọn. Ṣé gbogbo fáàtì tí a san la lè yọ nínú èyí tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà?"

Rárá o. Òfin yọ ilẹ̀ kúrò nínú fáàtì, torí náà ẹ ò lè yọ fáàtì ohun tí ẹ rà nítorí ilẹ̀. Owó ìbójútó ló ní 7.5%.

Ẹ kọ́kọ́ to ìwé owó yín sọ́nà mẹ́ta. Ká ní sọ́fẹ́yọ̀ tó wọn ilẹ̀ gba fáàtì 75,000 náírà: ẹ gbàgbé ìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó wà fún ìbójútó nìkan, 30,000: ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì àti àtúnṣe jẹnẹrétọ̀, tí iṣẹ́ méjèèjì jọ ń lò, 50,000: èyí nìkan la ó pín.

Bí ilẹ̀ bá mú mílíọ̀nù 6 wọlé, tí ìbójútó mú mílíọ̀nù 4, láìka fáàtì mọ́ ọn, 40% nínú 50,000 lẹ máa rí yọ, ìyẹn 20,000. Pẹ̀lú 30,000 ti kọ̀ǹpútà, ó di 50,000. Ẹ yọ ọ́ nínú 300,000 tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà, kí ẹ san 250,000. 105,000 tó kù ti di ara ìnáwó yín.

Àṣìṣe tí mo sábà máa ń rí ni kí wọ́n da gbogbo 155,000 pọ̀, kí wọ́n wá mú 40% níbẹ̀. Ìyẹn á di 62,000: 12,000 inú rẹ̀ kì í ṣe tiyín.

Òfin tó fàyè gba yíyọ fáàtì iṣẹ́ àti ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, ẹ má fi ìwé owó àtijọ́ kún un. Bí ẹ bá sì ní ọjà tí fáàtì rẹ̀ jẹ́ 0%, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ mílíọ̀nù 4, kì í ṣe mọ́ ilẹ̀.