Ẹni tí yóò ka ètò òwò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ètò òwò tó dára. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò kan ní kíákíá, mo sì nílò owó."

Ẹ kú iṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ fún yín títí ẹ ó fi sọ irú òwò tó jẹ́, iye tó wà lọ́wọ́ yín, ibi tí ẹ fẹ́ ṣe é sí, àti ẹni tí ẹ fẹ́ gbé ìwé náà fún. Ti ìkẹyìn yìí ni n ó dúró lé lórí, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nínú òwò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí sin adìẹ ẹlẹ́yin ní Òṣogbo níbí.

Agbaninímọ̀ràn tí mo sanwó fún kọ ìwé ńlá kan, tó kún fún iye èèyàn tó wà ní Nàìjíríà àti bí ẹyin ṣe ń ṣara lóore, ṣùgbọ́n kò béèrè bóyá báǹkì ni yóò kà á tàbí ẹni tí yóò bá mi dá owó. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó gbà á rí i pé èrè wà lópin ọdún, ó sì fọwọ́ sí owó yíyá tí sísan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì. Ó ṣì ń dùn mí pé àwọn méjèèjì, tí wọ́n ń jẹun lórí ìmọ̀ yìí, kò bi mí ní oṣù tí ẹyin yóò dé.

Ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan kì í yé ẹyin títí yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Bí adìẹ bá jẹ́ 500, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ nǹkan bí kílò 7 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé, kílò 3,500 nìyẹn, èyí tó jẹ́ 140 àpò oníkílò 25, láìtíì ta kíréètì ẹyin kan. Àárín àsìkò yìí gan-an ni báǹkì ń béèrè ojú owó àti èlé lọ́wọ́ mi. Owó oúnjẹ ni mo fi ń san án. Nígbà tí oúnjẹ kò tó mọ́, àwọn adìẹ náà kò dàgbà dọ́gba: bí a bá wọ̀n wọ́n, a ó rí i pé ìwọ̀n wọn jìnnà síra, àwọn tó fúyẹ́ a sì pẹ́ kí wọ́n tó yé, ẹyin wọn a kéré. Mo ta púpọ̀ nínú wọn fún àwọn aládìẹ ní Ọjà Ọba kí wọ́n tó yé ẹyin kan ṣoṣo.

Nítorí náà, bí báǹkì ni yóò kà á, ẹ kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí sísan ojú owó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje. Nígbà tí adìẹ 500 bá ń yé dáadáa, tí 80 nínú 100 ń yé lójúmọ́, ẹ ó kó 400 ẹyin, tó jẹ́ kíréètì 13 àti díẹ̀, àwọn adìẹ náà yóò sì jẹ ju àpò oúnjẹ méjì lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ẹyin àti owó oúnjẹ ni báǹkì fẹ́ rí. Ẹ fi ìṣirò ìgbà tí ọjà bá dúró kún un, nítorí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó Náírà ṣọ̀wọ́n, ẹyin jókòó sọ́rùn àwọn olùsìn adìẹ. Bí báǹkì bá kọ̀ láti dúró, ẹ ra adìẹ tó ti sún mọ́ yíyé. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kó tó mówó wọlé.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé. Ká ní ẹ yá mílíọ̀nù kan fún oṣù 10, tí èlé jẹ́ 4 nínú 100 lóṣù. Bí wọ́n bá ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó tí ẹ kọ́kọ́ yá, ẹ ó san 400,000 Náírà ní èlé. Bí ó bá jẹ́ lórí èyí tó kù nìkan, tí ẹ ń san 100,000 nínú ojú owó lóṣù, 220,000 ni. Òṣìṣẹ́ wọn kì í sọ èyí bí ẹ kò bá bi í.

Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ jọ fẹ́ dá owó, kò ní béèrè owó oṣù kejì. Ohun tí yóò wá nínú ìwé yín ni ìpín tirẹ̀, ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ta adìẹ, ẹni tí òfò kàn bí àrùn bá pa wọ́n, àti bí yóò ṣe gba owó rẹ̀ bí ó bá fẹ́ lọ. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Ní ti ibi tí ẹ ó ṣe é sí, òórùn ilé adìẹ kò ṣeé gbé sí àárín ìgboro. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ san owó ṣáájú kí òun lè bá yín gba owó lọ́wọ́ báǹkì, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.