Orin wo ni kí n fi sétí kí n tó lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, mo fẹ́ ṣe prẹsẹntéṣọ̀n oníṣẹ̀ẹ́jú 12 níwájú àwọn ọ̀gá wa. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, fújì tó gbóná ni mo fi sétí látilé títí dé ẹnu ọ̀nà, ara mi yá gágá, àmọ́ ìṣẹ́jú 6 ni mo fi sọ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n láwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́ ma, orin wo ló yẹ kí n máa gbọ́ ní wákàtí tó ṣáájú? Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé."

Ọmọ mi, kú ìpalẹ̀mọ́ o. Orin tó o gbọ́ yẹn ò burú rárá, eré ẹ̀ ló pọ̀ jù. Etí lèèyàn fi ń gbọ́ ìlù lóòótọ́, àmọ́ tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ẹsẹ̀ á máa bá a lọ, èémí á máa bá a lọ, tó o bá wá dìde láti sọ̀rọ̀ ẹnu náà á fẹ́ bá a lọ. O ti bọ́ íápíìsì kúrò létí o, ìlù ṣì ń lù nínú ẹ, ìwọ náà wá ń sáré tẹ̀lé e.

Bó o ṣe máa mọ̀ nìyí. Gbé orin yẹn sí i nílé, máa fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bó o ṣe máa ń ṣe tó o bá ń gbádùn ẹ̀, kó o ka iye ìgbà tẹ́sẹ̀ ẹ kanlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Tó o bá ka 35, 140 nìyẹn nínú ìṣẹ́jú kan, orin agbo ijó nìyẹn, kò dáa fẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èyí tó o bá ka bíi 22 sí ẹ̀, tó jẹ́ 88, ìyẹn ni mo fẹ́ kó o wá, orin téèyàn lè máa rìn lọ sí i bí ẹni tó wọ agbádá, tí ò sáré, tí ò sì sùn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àpàlà fún irú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kì í kánjú, ohùn àgídìgbo wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó ń dún gbìn gbìn, ẹni tó ń kọ ọ́ náà á fara balẹ̀ sọ gbólóhùn kan tán kó tó bọ́ sórí òmíì, ohun tíwọ náà fẹ́ lọ ṣe gan-an nìyẹn.

Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, ohun táwọn èèyàn ń pè ní béèsì, má fojú kéré ẹ̀ o. Lọ́dún 2014 àwọn kan tó ń ṣèwádìí ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀, orin kan náà ni wọ́n gbé fáwọn èèyàn gbọ́, wọ́n fi béèsì kún tàwọn kan, wọ́n dín in kù fáwọn yòókù, àwọn tí béèsì tiwọn lágbára ló sọ pé àwọn rí ara àwọn bí ẹni tágbára wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó ṣe rí lára wọn nìyẹn o, kò ní kó o mọ ọ̀rọ̀ tó ò kà. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé tó o bá gbé fóònù sórí tábìlì tó ń kọrin láti inú sípíkà tín-ń-tín ẹ̀, béèsì ò ní sí níbẹ̀, ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán lo máa gbọ́. Fi íápíìsì tó wọnú etí dáadáa sí i, má sì yí i sókè débi tó ò fi ní gbọ́ tẹ́nì kan bá pe orúkọ ẹ.

Wàyí o, orin kan wà tí fóònù ò lè wá fún ẹ, òun sì ni mo kà sí jù. Oríkì ẹ. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń rí tí ìyá àgbà bá kí ẹ láàárọ̀, "Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà", tórí ẹ á wú, tẹ́yìn ẹ á nà gbọnrangandan láìjẹ́ pẹ́nì kan sọ pé kó o nà án? Kò sórin olórin tó lè ṣe ìyẹn fún ẹ, torí ẹlòmíì ni wọ́n ń kọ tiwọn fún. Ní kí màmá ẹ ké e ránṣẹ́ sí ẹ lórí Wọ́tsáàpù, kó bẹ̀rẹ̀ látorí oríkì àbísọ ẹ, ìṣẹ́jú méjì ti tó.

Àmọ́ ìgbà tó o máa gbọ́ ọ ṣe pàtàkì o. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìnáwó mọ̀lẹ́bí wa, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pè mí ni onílù kan rí mi, ló bá fi ìlù ki bàbá mi tó ti kú, omi sì dà lójú mi, ọ̀nà ọ̀fun mi fún pinpin, bí mo ṣe gba máíìkì báyìí ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi. Látìgbà yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí ni mo máa ń fi oríkì sí, kí n lè sunkún tó bá fẹ́ wá, kí n nujú, kó tán.

Torí náà, ní Tọ́sìdeè, aago mẹ́sàn-án gééré, wá ibi tó dákẹ́, ì báà jẹ́ inú mọ́tò, gbọ́ ohùn màmá ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ẹ̀ kó o bọ́ sórí àpàlà ẹ, orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó o ti mọ̀ dáadáa, má gbé orin tuntun wá lọ́jọ́ yẹn, torí etí á máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ọ̀rọ̀ tìẹ á sì máa sá lọ. Tó bá di aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, pa á.

Ogún ìṣẹ́jú tó kù, ohùn tìẹ ló kàn. Pa ẹnu dé, kó o máa fi imú kùn orin yẹn jẹ́jẹ́, hùn-ùn-ùn, tó bá dáa ètè ẹ á máa rìn ẹ́ yìnrìnyìnrìn, má fi agbára sí i o. Tó o bá ń kùn báyẹn èémí á máa jáde díẹ̀díẹ̀, á gùn ju èyí tó o fà sínú lọ, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí àyà tó ń já rọlẹ̀, ohùn tí ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ náà á là, kò ní ha. Mu omi díẹ̀, má mu oníyìnyín. Tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, má kùn mọ́, sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ ẹ síta lẹ́ẹ̀mẹta, kó o dúró mí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ti ń jáde bí ẹni ń sáré, padà sórí kíkùn yẹn fún ìṣẹ́jú kan, orin tó o ka 22 yẹn gan-an ni kó o kùn.

Má dúró di Tọ́sìdeè kó o tó dán an wò. Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó o ṣe é nílé, orin kan náà, kó o wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ kí fóònù máa ka àkókò. Tó bá gbà ẹ́ tó ìṣẹ́jú 11 sí 12, orin ẹ ti dáa. Tó bá ṣì jẹ́ 8, yọ orin tó yá jù nínú wọn, fi èyí tó rọra lọ síbẹ̀.

Màmá ẹ ni kó o pè lálẹ́ òní o, má jẹ́ kó di àárọ̀ ọjọ́ náà, torí wọ́n lè wà lọ́jà níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo, ẹni tó bá sì fẹ́ ké oríkì ọmọ ẹ̀ á fẹ́ jókòó, á fẹ́ kọ́kọ́ rántí àwọn bàbá ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.