Ìdajì àga tó wọ léèsì sódì

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo mọ ìdajì àga kan ní Blender, mo kọ́pì ẹ, mo mírọ̀ ẹ sí apá òsì. Apá ọ̀tún dáa, apá òsì ń ṣe dúdú dúdú, ìlà dúdú kan tún wà láàárín. Nígbà tí mo gbé e lọ sí Unity, apá òsì yẹn ti lujá, inú ẹ ni mò ń rí. Kí ló fà á, báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?"

Okun o, àbúrò. Àga gan-an ló kọ́ èmi náà lọ́gbọ́n, kì í ṣe pé mo kà á níbì kan. Káfíńtà kan níbí ní Kàbà ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun ya àga onírọ̀gbọ̀kú kan kí kọ́sítọ́mà òun tó wà ní Ìsánlú lè rí i lórí fóònù kóun tó gé pákó. Mo mọ apá ọ̀tún nìkan, ìyẹn ìgbápálé, ẹsẹ̀ méjì àti ìdajì tìmùtìmù, mo tẹ Shift+D, mo tẹ S X -1, mo fi M pa àárín pọ̀, ó dáa lójú mi, mo fi ránṣẹ́. Ọkùnrin yẹn pè mí pé kí ló dé tí àga òun fi ní ihò. Òru méjì ni mo fi jó epo jẹnẹrétọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn kó tó yé mi.

Ohun tó yé mi nìyí. Ìyá mi ń ránṣọ, torí náà ọ̀nà tó gbà wọ orí mi ni ti ọwọ́ ẹ̀wù. Tó o bá gé ọwọ́ ọ̀tún lára léèsì, tó o wá dojú ẹ̀ dé kó lè di ọwọ́ òsì, ó máa bá èjìká mu rẹ́gí, àmọ́ ẹ̀yìn léèsì ló máa bọ́ sí ìta, ojú ẹ̀ á wà nínú. Bí mírọ̀ ṣe ń ṣe mẹ́ṣì gan-an nìyẹn. Ìrísí ẹ̀ pé, ojú ẹ̀ ló lọ sínú.

Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ojú báyìí ni ìta, kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ètò tí wọ́n fi ka àwọn pọ́íntì fésì ló ń wò. Ní Blender, tó o bá dúró níwájú fésì kan tí wọ́n ka pọ́íntì ẹ̀ lọ lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, iwájú lo wà. Tó bá ń lọ bí ọwọ́ aago, ẹ̀yìn lo wà. Nọ́máàlì, ìyẹn ọfà tó ń yọ jáde lára fésì, inú ètò yẹn ló ti ń wá. Wo onígun mẹ́ta kan tó tẹ́ sílẹ̀, kó o wá mírọ̀ ẹ̀ lórí X:

```
A (1,0,0)   B (2,0,0)   C (1,1,0)
(B-A) x (C-A) = (1,0,0) x (0,1,0) = (0,0,1)

A (-1,0,0)  B (-2,0,0)  C (-1,1,0)
(B-A) x (C-A) = (-1,0,0) x (0,1,0) = (0,0,-1)
```

Ti àkọ́kọ́ ń wo òkè. Ìkejì ń wo ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkè náà ló yẹ kó máa wò torí X nìkan la yí, a ò fọwọ́ kan Z rárá. Pọ́íntì ló kúrò níbi tó wà, ètò A, B, C ò yí padà, torí náà kíkà tó ń lọ lódì sí ọwọ́ aago tẹ́lẹ̀ ti wá ń lọ bí ọwọ́ aago. Tá a bá kà á ní C, B, A, ó parí. Iṣẹ́ tí Flip ń ṣe ò ju ìyẹn lọ, ètò kíkà ló ń yí padà, kò gbé pọ́íntì kankan.

Ìdí tó o fi ń rí inú àga ní Unity nìyẹn, torí ẹ́ńjìnnì géèmù kì í ya ẹ̀yìn fésì láìjẹ́ pé o sọ fún un, ẹ̀yìn ló sì rí ní apá òsì yẹn. Blender ní tiẹ̀ máa ń ya iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, ìyẹn ló fi tàn mí jẹ. Ìlà dúdú àárín yẹn náà ní ìtumọ̀: tó o bá lo Shade Smooth, pọ́íntì kọ̀ọ̀kan ń gba àròpọ̀ nọ́máàlì àwọn fésì tó yí i ká. Ní àárín, fésì ọ̀tún ní òkè, fésì òsì ní ilẹ̀, àwọn méjèèjì pa ara wọn jẹ, iná wá ń ṣe ségesège níbẹ̀. Torí náà tó o bá rí ìlà dúdú gbọọrọ níbi tí ìdajì méjì ti pàdé, má wulẹ̀ lọ máa fọwọ́ kan mátíríà, òdì ló wà níbẹ̀.

Kó o tó tún nǹkan kan ṣe, kọ́kọ́ rí i pẹ̀lú ojú ẹ. Ní orí 3D Viewport, ṣí Viewport Overlays, tan Face Orientation. Ibi tó bá ń ṣe pupa, ẹ̀yìn fésì lò ń wò yẹn. Búlúù ni iwájú, àmọ́ Blender àwọn míì ò ní fi búlúù hàn ẹ́, wàá kàn rí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, torí náà pupa ni kó o máa wá. Lára àga tèmi, apá òsì pupa bí epo láti ìgbápálé dé ẹsẹ̀, ojú mi là lójú ẹsẹ̀.

Àtúnṣe tó mọ́ jù ni pé kó o ṣe é nígbà tí ìdajì tuntun yẹn ṣì wà ní seléẹ̀tì. Shift+D, S X -1, Enter, má kúrò níbẹ̀, tẹ Alt+N, mú Flip. Ó tán. Ìgbà yẹn lo tó wá lè seléẹ̀tì gbogbo ẹ̀, tẹ M, mú By Distance kí pọ́íntì àárín di ọ̀kan. Tó o bá ti pa á pọ̀ tẹ́lẹ̀ bíi tèmi, gbé L lé ibi tó dá dúró bí ẹsẹ̀ àga, kó o Flip èyí tó pupa nìkan, èyí tó ti lẹ̀ mọ́ àárín kó o tan X-ray kó o fi bọ́ọ̀kìsì seléẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì.

Gbogbo ayé á sọ fún ẹ pé kó o kàn tẹ A, kó o tẹ Shift+N. Èmi náà ṣe é, ó sì tún nǹkan ṣe lóòótọ́, àmọ́ ó ba méjì jẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé, nínú erékùṣù fésì kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ra wọn, ó máa mú ọ̀kan tó jìnnà sí àárín jù, ó máa ní kí ó kọjú síta, àwọn aládùúgbò ẹ̀ á tẹ̀lé e. Lára àpótí tó dé pátápátá, ó dáa gan-an. Àmọ́ mo ní aṣọ kan tí mo tẹ́ sórí ẹ̀yìn àga, pẹlẹbẹ tó ṣí sílẹ̀ ni, kò ní inú kò ní ìta, ó wá kọjú sí ibi tó wù ú, ó kọjú sí pákó. Mo ní láti fọwọ́ Flip ìyẹn fúnra mi.

Èkejì ló gbà mí ní òru kan odindi. Nígbà tí mo gé tìmùtìmù sí méjì kí n tó mírọ̀ ẹ, mo gbàgbé láti yọ fésì tó dí ojú ibi tí mo gé. Nígbà tí ìdajì méjì pàdé, ògiri kan wá dúró nínú tìmùtìmù tó pín inú ẹ̀ sí méjì. Ní etí ògiri yẹn, fésì mẹ́ta ló pàdé, bẹ́ẹ̀ méjì péré ló yẹ kó wà. Shift+N ò mọ ibi tó máa gbà níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì ògiri yẹn inú ni méjèèjì, kò sí èyí tó jẹ́ ìta fún un. Mo tẹ Shift+N bí ìgbà ogún, mo tún ń retí pé ìgbà kọkànlélógún á dáa (ìwà èmi nìyẹn). Bó o ṣe máa rí i ni pé kó o lọ sí Select, All by Trait, Interior Faces, pa èyí tó bá mú rẹ́, Vertices kọ́ lo máa mú o, Faces ni kó o mú kí pọ́íntì tó wà níta má bàa bá a lọ. Lẹ́yìn náà kó o tó tẹ Shift+N. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, tìmùtìmù mi mọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Tó bá jẹ́ Object Mode lo ti mírọ̀ ẹ ńkọ́? Ìyẹn ṣòro díẹ̀ torí kì í hàn. Blender rí i pé Scale X jẹ́ -1, ó ń bá ẹ ṣe ẹ̀san ẹ̀ lójú, gbogbo ẹ̀ á dáa. Tẹ N kó o wo Scale, tàbí kó o bi í báyìí ní Python Console:

```
import bpy
o = bpy.context.object
print(o.matrix_world.determinant())
```

Tí nọ́mbà náà bá wà lábẹ́ òdo, mírọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Lo Ctrl+A, Scale, kó o wá wo Face Orientation lẹ́yìn ẹ̀, kó o Flip tó bá pupa, kó o tó ẹkisipọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá ní kó o tan double sided sí mátíríà ní Unity, má dá a lóhùn, ihò á dí lóòótọ́, àmọ́ òdì ṣì wà níbẹ̀, iná á máa bá àga náà láti ibi tí kò yẹ.

Ọ̀kan tó kù: bí o bá dáùnlóòdù apá kan, bíi ẹsẹ̀ àga gbígbẹ́ tí mo mú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Face Orientation ò fi pupa kankan hàn, tí ó ṣì ń ṣe dúdú, kì í ṣe ètò kíkà ni. Nọ́máàlì tí ẹni tó mọ ọ́n fọwọ́ kọ sínú fáìlì ló wà níbẹ̀, tí kò bá mírọ̀ lọ dáadáa. Lọ sí Object Data, Geometry Data, tẹ Clear Custom Split Normals Data, kó o tún Shade Smooth ẹ.

Fún àga tó ò ń mọ lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí, èmi ì bá pa ìdajì òsì rẹ́ pátápátá, màá yọ ògiri àárín, màá fi Mirror modifier sí i, Clipping títàn, origin ní àárín gangan. Ó ń yí ètò kíkà padà fúnra ẹ̀, òun gan-an ni mo fi tún ti káfíńtà yẹn ṣe. Tó bá ṣì pupa lẹ́yìn ẹ̀, a jẹ́ pé ìdajì ọ̀tún rẹ ló ti wọ̀ ọ́ sódì látìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kó o Flip. Fi àwòrán Face Orientation ẹ síbí kí n wò ó.