Ó Yé Wọn Lójú Pátákó, Ó Dàrú Nínú Ìwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn ọmọ ọdún kẹrin girama ni mò ń kọ́ ní ìṣirò. Tí mo bá ṣe ìdọ́gba kuadirátíìkì mẹ́ta mẹ́rin lójú pátákó, gbogbo wọn á ní ó ti yé àwọn. Tí mo bá wá ní kí wọ́n dá tiwọn ṣe, ọ̀pọ̀ wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà o, tíṣà. Ìlà tó ń tẹ̀lé ìlà ni ọmọ ń rí lójú pátákó. Kò rí ohun tó mú yín yan nọ́ńbà kan tí ẹ fi òmíràn sílẹ̀, torí inú orí yín lẹ ti ṣe ìyẹn. Ẹ dín àpẹẹrẹ kù sí ẹyọ kan, kí ẹ sì máa sọ ìdí rẹ̀ jáde lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká mú x² + 2x − 15 = 0. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí òdo tó dá wà lápá ọ̀tún, kí ẹ ní òun là ń wò ká tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, à ń wá nọ́ńbà méjì tó jẹ́ pé tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí −15, tí a bá sì rò wọ́n pọ̀, a ó rí 2. Ẹ má kàn mú 5 àti −3 jáde bí onídán. Ẹ kọ 15 àti −1 síbẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, ó di 14, ẹ fagi lé e. Ẹ gbìyànjú −5 àti 3, ó di −2. Àmì ló kù tí ẹ máa pa dà.

x² + 5x − 3x − 15 = 0
x(x + 5) − 3(x + 5) = 0
(x + 5)(x − 3) = 0
x = −5 tàbí x = 3

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló ń gbé wọn ṣubú jù. Àwọn kan á kọ 5 tàbí −3, torí ohun tó wà nínú àkámọ́ ni wọ́n dà kọ. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni nọ́ńbà méjì tí a sọ di púpọ̀ máa ń jẹ́ òdo. Àfi kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òdo. Tí x + 5 bá jẹ́ òdo, −5 ni x. Kí wọ́n fi −5 padà sínú ìbéèrè: 25 − 10 − 15, òdo ni lóòótọ́.

Wàyí o, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́ díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Fún x² + 3x − 10 = 0, ẹ ṣe é dé (x + 5)(x − 2) = 0, kí wọ́n parí rẹ̀. Fún x² − x − 12 = 0, ẹ sọ fún wọn pé −4 àti 3 ni nọ́ńbà méjèèjì, kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Tó bá kan x² − 9x + 20 = 0, ìbéèrè nìkan ni kí ẹ kọ. Ọmọ tó ṣe ìlà ìkẹyìn á rí ìdáhùn, á sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ lẹ kọ́kọ́ yọ, ẹni tó bá há síbẹ̀ á kàn jókòó títí agogo á fi lù ni.

Ọ̀nà yìí níbi tó mọ. John Sweller àti Graham Cooper ṣe ìwádìí lórí áljẹ́brà ní Ọsirélíà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1985. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ka àpẹẹrẹ tán, tí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ tẹ̀lé e, yára ju àwọn tó kàn ń dá ìbéèrè ṣe lọ. Àmọ́ nígbà tí ìbéèrè yàtọ̀ sí àpẹẹrẹ, àǹfààní yẹn ò hàn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè karùn-ún ò fi gbọdọ̀ jọ àwọn tó ṣáájú. Ẹ fún wọn ní x² − 2x = 8. Ẹ ó rí àwọn tó máa kọ x(x − 2) = 8, wọ́n á ní x = 8 tàbí x − 2 = 8. Ẹ má tíì fi bírò pupa fà á. Ẹ ní kí wọ́n fi 8 síbẹ̀: 64 − 16, ó di 48. Òdo nìkan ló lè fi dandan lé e pé kí ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ òun. Ní ti 8, 2 àti 4 lè bí i, 16 àti ìdajì náà lè bí i. Tí wọ́n bá kó 8 wá sápá òsì, ó di x² − 2x − 8 = 0, x á sì jẹ́ 4 tàbí −2.

Ẹ tún ju x² + 3x + 1 = 0 sáàárín wọn, èyí tí àkámọ́ ò ní ràn. Kí wọ́n ṣírò b² − 4ac: 9 − 4, ó ku 5. Kò sí odidi nọ́ńbà tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó máa jẹ́ 5, torí náà fọ́múlà ló kù.

Ẹni tó bá ṣe ìkẹta láìgbójú sókè wo pátákó, ẹ má fi àpẹẹrẹ dá a dúró mọ́, torí á kàn máa fà á sẹ́yìn ni. Ẹ gbé ìbéèrè onítàn fún un: ilẹ̀ kan fi mítà 3 gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 40. Á kọ w(w + 3) = 40, ẹ ó sì rí i bóyá ó rántí òdo. Tó bá rántí, á dé (w + 8)(w − 5) = 0, á wá sọ fún yín ìdí tí −8 fi gbọdọ̀ lọ.